Bí A Ṣe Ń Ṣírò Eré Ìgbì Omi Láti Inú Gígùn Rẹ̀ àti Jíjìn Omi

Ibi tí ìṣirò yìí ti sábà máa ń dàrú kì í ṣe inú ìṣirò gan-an. Fọ́múlà tí a mú ni kì í bá ìgbì náà mu. Ẹnì kan rí i pé òkun jìn tó mítà 4000, ó ní omi jíjìn nìyí, ló bá mú fọ́múlà omi jíjìn fún sùnámì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 200. Ó rí kìlómítà 2012 ní wákàtí kan. Iye tó tọ́ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 713. Ẹlòmíràn ń wo ìgbì kékeré tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 nínú agbada tí omi rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ. Ó pè é ní omi tí kò jìn, eré tó sì rí ju ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó rí lọ.

Àwọn méjèèjì fi ojú wo omi, wọn ò fi jíjìn rẹ̀ wé gígùn ìgbì. Sùnámì yẹn wà nínú omi tí kò jìn, ìgbì inú agbada ló wà nínú omi jíjìn. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ dáadáa kò ní ṣòro fún láti ṣe ìyókù.

Ohun tí ẹ nílò

Gígùn ìgbì, tí a ó máa kọ ní λ. Jíjìn omi, tí a ó máa kọ ní h. Agbára òòfà ilẹ̀, g, tó jẹ́ 9.81. Ẹ̀rọ ìṣirò tó ní bọ́tìnì `hyp`, tàbí kọ̀ǹpútà tó ní Excel. Bí ẹ bá tún lè fi aago ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín ìgbì kan àti èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní T. Kò pọn dandan, ṣùgbọ́n òun ni yóò tú àṣìṣe fó bí ọ̀kan bá wà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn gígùn àti jíjìn bó ṣe yẹ

Gígùn ìgbì ni ọ̀nà tó wà láti orí ìgbì kan dé orí ìgbì tó tẹ̀ lé e, ní ọ̀nà tí ìgbì ń gbà lọ. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n láti orí dé inú kòtò tó wà níwájú rẹ̀ ti mú ìdajì. Bí ìgbì bá ń bọ̀ wá sí etíkun ní ìdábùú, tí ẹnì kan sì wọ̀n ọ́n ní títẹ̀lé etíkun, gígùn tó máa rí yóò pọ̀ ju ti òótọ́ lọ. Ẹ dojú téèpù yín kọ ibi tí ìgbì ń lọ.

Ó sàn kí ẹ wọn ọ̀pọ̀ ìgbì lẹ́ẹ̀kan náà ju kí ẹ wọn ẹyọ kan lọ, nítorí pé ìgbì òkun kì í gùn dọ́gba. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbi pípín: bí ẹ bá ka orí ìgbì 10, àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ 9. Mẹ́sàn-án ni ẹ ó fi pín, kì í ṣe mẹ́wàá. Àṣìṣe kékeré yìí nìkan máa ń jẹ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún gígùn náà.

Jíjìn omi ni láti ojú omi tó bá dákẹ́ dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀. A kì í wọ̀n ọ́n láti orí ìgbì, a kì í sì í wọ̀n ọ́n láti inú kòtò. Bí ó bá jẹ́ inú máàpù òkun lẹ ti mú jíjìn, ẹ rántí pé ìgbà tí omi bá fà sẹ́yìn ni máàpù ń sọ. Tí máàpù bá kọ mítà 9, tí omi sì ti kún ní mítà 3 lórí èyí ní wákàtí tí ẹ ń ṣírò fún, jíjìn tí ẹ ó lò jẹ́ mítà 12.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tọ̀nà:* mítà ni gígùn, mítà náà ni jíjìn. Bí ọ̀kan bá ṣì wà ní kìlómítà tàbí sẹ̀ǹtímítà, ẹ yí i padà kí ẹ tó kúrò níbí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi λ pín h

Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó bá jáde níbí ló máa sọ irú omi tí ìgbì náà wà.

- Bí h/λ bá ju 0.5 lọ, omi jíjìn ni.
- Bí ó bá kéré sí 0.05, omi tí kò jìn ni.
- Bí ó bá wà láàárín méjèèjì, omi agbedeméjì ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìgbì tó sún mọ́ etíkun máa ń wà.

Ìdí tí 0.5 fi jẹ́ ààlà kò ṣòro. Nígbà tí ìgbì bá ń kọjá, omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í bá a lọ. Ṣe ló máa ń yí po lójú kan náà, bí ẹ bá sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ìyípo yẹn ń kéré sí i. Níbi tí jíjìn bá ti tó ìdajì gígùn ìgbì, ohun tó kù nínú ìyípo náà kò ju nǹkan bí ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ti ojú omi lọ. Ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ kò rí ìgbì náà, ìgbì náà kò sì mọ̀ pé ilẹ̀ wà. Nínú omi tí kò jìn, òdìkejì ni: ilẹ̀ ti tẹ ìyípo náà mọ́lẹ̀ títí ó fi di pé omi kàn ń lọ tó ń bọ̀ ní ìbú, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbẹ̀, jíjìn nìkan ló ń pinnu eré, gígùn ìgbì kò ní ọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká dán àwọn tó ṣìnà lókè wò. Sùnámì: 4000 tí a fi 200,000 pín jẹ́ 0.02, omi tí kò jìn. Agbada: 8 tí a fi 10 pín jẹ́ 0.8, omi jíjìn. Òkun tó jìn jù lọ láyé, tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 11, kò lè sọ ìgbì tó gùn ní kìlómítà 300 di ìgbì omi jíjìn.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tọ̀nà:* ẹ rí i dájú pé jíjìn ló wà lókè, gígùn ló wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá dà á rú yóò rí 50 fún sùnámì dípò 0.02, yóò sì mú fọ́múlà tó lòdì láìfura.

Ìgbésẹ̀ 3: Bí ó bá bọ́ sí apá kan tàbí apá kejì

Àwọn méjì yìí rọrùn, a ò ní pẹ́ lórí wọn. Fún omi jíjìn:

```
c = sqrt(g*λ / (2π))   ≈ 1.25 * sqrt(λ)
```

Fún omi tí kò jìn:

```
c = sqrt(g*h)          ≈ 3.13 * sqrt(h)
```

Eré ni c, ní mítà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. `sqrt` ni rúùtù. Ẹ kíyè sí i pé fọ́múlà kìíní kò ní h nínú, èkejì kò sì ní λ. Ìgbì agbada wa, λ = 0.1, yóò sá mítà 0.395 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sùnámì wa, h = 4000, yóò sá mítà 198. Ẹ fi 3.6 lọ́po 198, ẹ ó rí nǹkan bíi kìlómítà 713 ní wákàtí kan.

Níbi ààlà 0.5, fọ́múlà omi jíjìn fi ohun tó kéré gan-an ju òótọ́ lọ, kò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi ààlà 0.05, fọ́múlà omi tí kò jìn fi nǹkan bí ìdá 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún jù ú lọ. Fún iṣẹ́ lásán, èyí kò léwu. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá gba àṣìṣe tó bẹ́ẹ̀ kó kọjá sí ìgbésẹ̀ 4, nítorí pé fọ́múlà ibẹ̀ tọ̀nà fún gbogbo jíjìn.

Ìgbésẹ̀ 4: Omi agbedeméjì

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fo iṣẹ́. Wọ́n á rí h/λ tó jẹ́ 0.15, wọ́n á ní ó kúkú sún mọ́ 0.05 ju 0.5 lọ, wọ́n á sì mú fọ́múlà omi tí kò jìn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́múlà tó yẹ nìyí:

```
c = sqrt( (g*λ / (2π)) * tanh(2π*h/λ) )
```

Ẹ jẹ́ ká mú ìgbì kan tó gùn ní mítà 80, lórí omi tó jìn ní mítà 12, ká sì tẹ̀ lé e ní ìsísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Àkọ́kọ́, 12 tí a fi 80 pín jẹ́ 0.15. Ẹ fi 2π, ìyẹn 6.2832, lọ́po rẹ̀, ẹ ó rí 0.9425.

Ìkejì, ẹ mú `tanh` ti 0.9425. Lórí ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ tẹ `hyp`, lẹ́yìn náà `tan`, kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà náà. Ó gbọ́dọ̀ jáde ní 0.7364. Ẹni tó bá gbàgbé `hyp` ti mú `tan` lásán, èyí tó jẹ́ ti igun. Bí ẹ̀rọ bá wà lórí ìwọ̀n igun, ẹ ó rí nọ́ńbà tíntìntín bíi 0.016. Bí ó bá wà ní rédíánì, ẹ ó rí nǹkan bí 1.38. `tanh` ti nọ́ńbà tó ju òdo lọ kì í kọjá 1 láéláé, kì í sì í ju nọ́ńbà tí ẹ fi sínú rẹ̀ lọ, nítorí náà 1.38 ti fi ara rẹ̀ hàn. Ti 0.016 ni kí ẹ ṣọ́ra fún, torí kò kọjá 1, ó sì lè yọ́ kọjá. Bí ẹ̀rọ yín kò bá ní `hyp` rárá, ẹ lo èyí, níbi tí x jẹ́ 0.9425:

```
tanh(x) = (e^(2x) - 1) / (e^(2x) + 1)
```

e^(1.885) jẹ́ 6.586, nítorí náà 5.586 tí a fi 7.586 pín, ó sì padà sí 0.7364.

Ìkẹta, 9.81 lọ́nà 80 jẹ́ 784.8. Ẹ fi 6.2832 pín in, ó di 124.9. Ẹ fi 0.7364 lọ́po èyí, ó di 91.98. Rúùtù rẹ̀ jẹ́ 9.59. Ìgbì náà ń sá mítà 9.59 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé rúùtù máa ń bo apá kan nìkan. Ẹlòmíràn á mú rúùtù 124.9, tó jẹ́ 11.18, á wá fi 0.7364 lọ́po rẹ̀ láì mú rúùtù òun náà, á sì rí 8.23. `tanh` wà nínú ilé rúùtù pẹ̀lú ìyókù.

Bí ìgbì bá pọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ kọ gígùn sí A2 àti jíjìn sí B2 nínú Excel, kí ẹ sì lẹ èyí mọ́ C2:

```
=SQRT(9.81*A2/(2*PI())*TANH(2*PI()*B2/A2))
```

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú 80 àti 12. Bí kò bá fún yín ní 9.59, ẹ wo àkámọ́ tó wà láyìíká `2*PI()`. Ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò ti fi 2 pín, ó sì ti fi π lọ́po, dípò kó fi méjèèjì pín.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yẹ iye náà wò lẹ́ẹ̀mejì

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ ṣírò ìgbì yín pẹ̀lú fọ́múlà méjèèjì ti ìgbésẹ̀ 3. Eré tó tọ́ gbọ́dọ̀ kéré sí ti méjèèjì. Kò ní bọ́ sí àárín wọn, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń rò. Fún ìgbì mítà 80 wa, omi jíjìn fún wa ní 11.18, omi tí kò jìn fún wa ní 10.85, òótọ́ sì jẹ́ 9.59, ó kéré sí méjèèjì. Ẹ wò ó bí mímú fọ́múlà tó rọrùn ṣe lè ná yín tó: èyí tó sún mọ́ òótọ́ jù nínú méjèèjì ṣì fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún jù ú lọ.

Àyẹ̀wò kejì ni ti aago. Ẹ fi eré pín gígùn: 80 tí a fi 9.59 pín jẹ́ 8.34. Èyí túmọ̀ sí pé tí ẹ bá dúró lójú kan, ìgbì tuntun gbọ́dọ̀ máa kọjá yín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 8 sí 8 àbọ̀. Bí T tí ẹ kà bá jẹ́ 8 tàbí 8.5, ẹ ti dé ibi tó yẹ. Bí ó bá jẹ́ 6, nǹkan kan wà tí kò tọ̀nà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ gígùn ìgbì ni ẹ wọn ní ìdábùú tàbí tí ẹ gbà láti ibòmíràn.

Èyí ló gbé wa dé ibi tó ń tan àwọn tó ti mọ fọ́múlà dáadáa jẹ.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí gígùn tí ẹ ní kì í bá ṣe ti ibi tí ẹ wà

Bí ìgbì bá ń ti inú agbami bọ̀ wá sí etíkun, eré rẹ̀ ń dínkù, gígùn rẹ̀ sì ń kúrú. Ohun tí kì í yí padà ni T. Nítorí náà, gígùn tí wọ́n wọ̀n nínú agbami kò ṣeé fi sínú fọ́múlà pẹ̀lú jíjìn etíkun.

Ẹ mú ìgbì tí T rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10. Nínú omi jíjìn, gígùn rẹ̀ jẹ́ 1.56 lọ́nà T lọ́nà T, ìyẹn mítà 156, ó sì ń sá mítà 15.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó wá dé ibi tí omi ti jìn ní mítà 10. Bí ẹ bá fi 156 àti 10 sínú fọ́múlà ìgbésẹ̀ 4, ẹ ó rí 9.65. Ó dà bí iye gidi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe àyẹ̀wò aago: 156 tí a fi 9.65 pín jẹ́ 16.2. Ìgbì tó ń wá ní ìṣẹ́jú àáyá 10 kò lè di ti 16 nítorí pé ó dé etíkun. Gígùn yẹn kì í ṣe ti ibí mọ́.

Gígùn tuntun wà lápá méjèèjì fọ́múlà tó ń wá a:

```
L = L0 * tanh(2π*h/L)
```

L0 ni gígùn inú omi jíjìn, L ni gígùn níbí. Ẹ ó gbìyànjú iye kan, ẹ ó fi sí apá ọ̀tún, ẹ ó sì rí òmíràn. Ẹni tó bá kàn ń dá iye tuntun padà síbẹ̀ yóò máa fò sókè sódò: 156 fún un ní 60, 60 fún un ní nǹkan bíi 122, yóò sì pẹ́ kó tó balẹ̀. Ọ̀nà tó yá ni kí ẹ mú ìdajì àpapọ̀ iye tí ẹ fi sínú rẹ̀ àti èyí tó jáde, kí ẹ sì fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú tó kàn.

156 àti 60, ìdajì àpapọ̀ wọn jẹ́ 108. Ẹ fi 108 sínú rẹ̀, nǹkan bí 82 jáde, ìdajì àpapọ̀ di 95. Ẹ fi 95 sínú rẹ̀, 90.4 jáde, ìdajì di 92.7. Ẹ fi 92.7 sínú rẹ̀, 92.1 jáde, ìdajì di 92.4. A dúró síbẹ̀. Ẹ fi T pín 92.4, ó di mítà 9.24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó tọ̀nà:* ẹ fi 92.4 àti 10 sínú fọ́múlà ìgbésẹ̀ 4. Ó gbọ́dọ̀ fún yín ní 9.24 kan náà. Bí ó bá yà ju díẹ̀ lọ, ẹ tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibi tí fọ́múlà wọ̀nyí ti pin

Fọ́múlà yìí gbà pé ìgbì náà kò ga. Bí gíga rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún jíjìn omi, ó ti fẹ́ fọ́ nìyẹn, eré rẹ̀ gidi sì ti ju ohun tí ẹ ṣírò lọ. Ẹ má fi ṣírò ìgbì tó ti ń yọ ìfófòó.

Lápá kejì, ìgbì tó bá kúrú ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ ń gba agbára láti inú bí ojú omi ṣe ń fa ara rẹ̀ ṣinṣin. Nínú omi lásán tó jìn tó, kò sí ìgbì tó ń lọ ní eré tó kéré sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 23 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gígùn èyí tó lọ́ra jù yẹn sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.7. Àwọn tó kúrú ju ìyẹn lọ tún ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ fọ́múlà wa yóò sọ pé wọ́n ń lọ́ra.

Bí omi fúnra rẹ̀ bá ń ṣàn, eré tí ẹ ṣírò jẹ́ ti ìgbì lórí omi náà. Ẹ fi eré ìṣàn kún un bí ìgbì bá ń bá a lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò bí ìgbì bá ń kọjú sí i, kí ẹ tó fi wé ohun tí ẹ wọ̀n láti orí ilẹ̀.

Ó ku lílo eré yìí láti sọ ìgbà tí ìgbì máa dé. Nínú omi jíjìn, orí ìgbì kọ̀ọ̀kan ń sáré kọjá láàárín ọ̀wọ́ ìgbì, ó sì ń kú síwájú ọ̀wọ́ náà bí òmíràn ṣe ń hù lẹ́yìn. Ọ̀wọ́ náà, tó gbé agbára ìgbì, ń lọ ní ìdajì eré orí ìgbì. Ìgbì ìṣẹ́jú àáyá 10 tí ìjì dá sílẹ̀ ní kìlómítà 1000 sí yín kò ní dé ní wákàtí 18, bí 15.6 ṣe máa sọ. Ẹ lo 7.8, yóò gbà tó wákàtí 36. Sùnámì ní tirẹ̀ wà nínú omi tí kò jìn, ọ̀wọ́ àti orí ìgbì ń lọ ní eré kan náà níbẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe pín eré rẹ̀ sí méjì: lórí òkun tó jìn ní mítà 4000 jálẹ̀, kìlómítà 1000 kò gbà á ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 24 lọ.